Ìbéèrè méjì lórí epo payo: èwo ló ṣeé dáhùn?

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin fẹ́ kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lórí epo payo, ìyẹn epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì. Ọ̀rọ̀ tó gbòòrò nìyẹn. Kò tíì di ìbéèrè.

Ó lè béèrè pé: "Báwo ni ìrànwọ́ owó epo tí Nàìjíríà yọ ní oṣù Karùn-ún 2023 ṣe yí èrè àwọn tó ń ta payo ní Àjàṣẹ́ padà?" Ìlú àti ọdún wà níbẹ̀, ó sì dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n "yí padà" ń fẹ́ èrè ti ìṣáájú àti ti ìsinsìnyí, ta ló sì kọ ti 2022 sílẹ̀? Òwò tí òfin kò fọwọ́ sí ni. Ẹni tó ń tà á yóò fura sí ẹni tó ń béèrè èrè.

Ó sì lè béèrè pé: "Nínú iye owó, ìtòsí àti àwìn, èwo ló pọ̀ jù nínú ìdí tí àwọn sémíjàn, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà, ní ọjà Wándò ní Àjàṣẹ́ fi ń ra payo dípò epo ilé epo?" Èyí ni mo fara mọ́. Kí ó bá ọgbọ̀n ọlọ́kadà sọ̀rọ̀, kó béèrè nípa ìgbà tí wọ́n ra epo kẹ́yìn nìkan: níbo, èló, owó lọ́wọ́ àbí àwìn? Kí ó kọ́kọ́ dán an wò lára márùn-ún. Bí gbogbo wọn bá dárúkọ ìdí kan tí kò sí nínú mẹ́ta yẹn, kó tún ìbéèrè náà kọ kó tó fi ránṣẹ́ sí olùkọ́. Àbájáde rẹ̀ kò ní kọjá Wándò o.