Windows 10 sí Windows 11: mo gbé láptọ́ọ̀pù kan ga, mo fọ́máàtì èkejì

Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10. Ẹni tó bá ṣì ń lò ó, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ò ní kú, àmọ́ ihò tí àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì bá rí lára rẹ̀ kò ní rí ẹni bá a dí i mọ́. Láptọ́ọ̀pù méjì ni mo ní lórí rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni méjèèjì, irú kan náà sì ni wọ́n: Core i5 ìran kẹjọ, RAM 8GB, SSD 256GB. Ọ̀kan wà ní ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó mi ló ń fi ṣe ìṣirò owó ọjà. Èkejì wà nílé, èmi ni mo ń lò ó. Mo gbé ti ṣọ́ọ̀bù ga sí Windows 11 lórí èyí tó ti wà níbẹ̀, mo sì fọ́máàtì ti ilé pátápátá. Ẹ̀dà 24H2 ni mo fi sí méjèèjì.

Ètò ìṣirò owó tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló jẹ́ kí n yà wọ́n sọ́tọ̀ báyìí. Ẹni tó tà á fún wa ti kó kúrò nídìí iṣẹ́ yẹn, fáìlì tí a fi gbé e wọlé kò sí mọ́, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àkọsílẹ̀ àwọn tó jẹ wá lówó wà nínú rẹ̀. Bí a bá fọ́máàtì, ó lọ nìyẹn. Ti ilé kò ní irú ìdè bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun kan lórí rẹ̀ tí n kò lè gbé wọlé padà. Ẹni tó bá ń rò ó wò, kó kọ́kọ́ ṣí ojú ìwé Installed apps nínú Settings, kó mú àwọn ètò ibẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó bi ara rẹ̀ bóyá òun lè rí i gbé wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i. Èyí tí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ rárá ni yóò sọ ọ̀nà tó máa gbà.

Ti ṣọ́ọ̀bù ni mo kọ́kọ́ ṣe. Mo da àwọn fáìlì rẹ̀ kọ sórí dísìkì àfibọ̀ ná, torí ìgbéga náà lè já lójú ọ̀nà. Mo wa fáìlì ISO, tó kó gbogbo Windows 11 sínú, sílẹ̀ láti ojú ìwé Microsoft, ó lé ní 5GB, nítorí náà ẹ ra dátà tó tó. Níbí ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti ń dá ènìyàn dúró. Èyí tó bá ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì wá sábà máa ń ní Windows tí èdè rẹ̀ jẹ́ ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ English (United States) ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń mú nígbà tí wọ́n bá ń wa ISO sílẹ̀. Tí méjèèjì kò bá bára mu, nígbà tí ẹ bá dé ojú ìwé tó ń béèrè ohun tí ẹ fẹ́ tọ́jú, Keep personal files and apps kò ní ṣeé tẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ̀síwájú nígbà náà rárá, torí gbogbo ètò yín ló máa lọ. Àṣẹ yìí máa sọ èdè tó wà lórí kọ̀ǹpútà fún yín, ẹ ṣí PowerShell gẹ́gẹ́ bí alábòójútó kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́:

```
dism /online /get-intl
```

Tí ẹ bá rí en-GB níwájú Default system UI language, English International ni kí ẹ mú nínú àwọn èdè tí ojú ìwé náà bá tò sílẹ̀. Bí tiwa ṣe rí nìyẹn. Mo tẹ ISO náà lẹ́ẹ̀mejì, mo ṣí setup.exe, mo sì rí i pé gbogbo nǹkan ló máa kù síbẹ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ kò yọrí sí rere. Kọ̀ǹpútà náà tún ara rẹ̀ tàn, ó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún lọ, ó dúró pẹ́ lójú kan, ló bá padà sí Windows 10 bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àmì tó fi sílẹ̀ ni 0xC1900101 - 0x30018. Àmì yìí ṣeé kà. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ sábà máa ń tọ́ka sí díráífà, ìyẹn ètò kékeré tí Windows fi ń bá ohun èlò sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé 0x nínú apá kejì ń sọ ibi tí iṣẹ́ dé kó tó já: 1 túmọ̀ sí pé a ṣì wà lórí Windows àtijọ́, 2 ni ìgbà tó ń da fáìlì tuntun sílẹ̀ lẹ́yìn títàn, 3 ni ìgbà àkọ́kọ́ tí Windows tuntun gbìyànjú láti dìde, 4 ni ìgbà kejì. Tiwa jẹ́ 3. Windows tuntun ti dìde, ó ń to àwọn ohun èlò, díráífà kan kò sì dá a lóhùn.

Mo wo fáìlì SetupDiagResults.xml tó wà nínú C:\Windows\Logs\SetupDiag, níbi tí Windows máa ń kọ ẹjọ́ irú nǹkan báyìí sí, mo sì wo orúkọ àwọn díráífà tó wà lórí kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú. Ohun tó jáde ni díráífà módẹ́ẹ̀mù 3G kan tí a kò lò mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. A ti yọ ètò rẹ̀ kúrò lójú Settings tipẹ́, àmọ́ díráífà náà kò bá a lọ. Bí a ṣe ń rí i, tí a sì ń yọ ọ́, nìyí (nọ́ńbà oem tiyín yóò yàtọ̀):

```
pnputil /enum-drivers
pnputil /delete-driver oem23.inf /uninstall
```

Mo yọ ọ́, mo fa ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti gbogbo ohun tó so mọ́ USB yọ, ó ku máọ̀sì nìkan, mo sì tún un bẹ̀rẹ̀. Ó já geere. Ètò ìṣirò owó wà níbẹ̀, àkọsílẹ̀ àwọn onígbèsè wà níbẹ̀, kódà kíbọ́ọ̀dù tí a fi ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá kò kúrò níbi tó wà. Inú ìyàwó mi dùn gan-an, torí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, ó sì bá iṣẹ́ lọ.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá gba ọ̀nà ìgbéga fetí sí. Ìgbéga máa ń kó ìwà Windows àtijọ́ wá pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Nígbà tí mo fi láptọ́ọ̀pù méjèèjì wéra, mo rí i pé ohun ààbò méjì tó ti tàn fúnra wọn lórí èyí tí mo fọ́máàtì ló ṣì wà ní pípa lórí èyí tí mo gbé ga. Àkọ́kọ́ ni Memory integrity, tó wà nínú Windows Security, lábẹ́ Device security, níbi Core isolation. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ díráífà wò níbi àdádó kan kó tó jẹ́ kó wọ inú ọkàn Windows. Mo gbìyànjú láti tan án, ó sọ pé díráífà kan kò bá òun mu. Módẹ́ẹ̀mù yẹn náà ni: ó ṣì ku fáìlì .sys rẹ̀ kan, orúkọ rẹ̀ sì wà níbi Review incompatible drivers pẹ̀lú nọ́ńbà oem tirẹ̀. Mo fi pnputil yọ ìyẹn náà, mo tan Memory integrity, mo sì tún kọ̀ǹpútà tàn.

Èkejì ni Device encryption, tó ń sọ gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì di àdììtù, tó fi jẹ́ pé bí olè bá jí láptọ́ọ̀pù gbé, tó yọ SSD rẹ̀ sí ara kọ̀ǹpútà mìíràn, kò ní rí nǹkan kan kà. Lórí 24H2, bí ẹ bá fọ́máàtì tí ẹ sì fi àkántì Microsoft wọlé, ó máa tàn fúnra rẹ̀ bí ohun èlò kọ̀ǹpútà náà bá gbà á. Bí ẹ bá gbé e ga, bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni yóò wà. Ṣọ́ọ̀bù ni ọjà tí olè ń rí, nítorí náà mo lọ tan án fúnra mi nínú Settings, lábẹ́ Privacy & security. Kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rẹ̀ máa ń wà nínú àkántì Microsoft yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kí ẹ tó nílò rẹ̀, torí bí BIOS bá yí padà, kọ̀ǹpútà lè béèrè rẹ̀, bí kò bá sì sí, àwọn fáìlì yẹn ti lọ.

Ti ilé gba iṣẹ́ ọwọ́ ju ìyẹn lọ ṣáájú fọ́máàtì. Mo kó fáìlì, mo kó àwọn fọ́ǹtì, mo kó díráífà sórí dísìkì àfibọ̀, mo sì ní kí winget, irinṣẹ́ Windows tó ń gbé ètò wọlé, kọ orúkọ àwọn ètò tó mọ̀ sílẹ̀:

```
winget export -o E:\eto.json
mkdir E:\diraifa
pnputil /export-driver * E:\diraifa
```

Mo fi Media Creation Tool ṣe fúláàṣì 8GB, mo ti ibẹ̀ tan kọ̀ǹpútà. Ojú ìwé tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ara balẹ̀ sí ni ibi tí wọ́n ti to àwọn ìpín dísìkì. Kò sí C: tàbí D: níbẹ̀, Disk 0 Partition 1, 2, 3 ni ẹ máa rí, ìwọ̀n ló sì ń sọ èyí tó jẹ́ èwo. Bí D: tí àwọn fọ́tò yín wà bá wà lórí dísìkì kan náà, ìwọ̀n rẹ̀ ni kí ẹ fi dá a mọ̀ kí ẹ má bàa pa á rẹ́. Nígbà tó dé ibi tó ń béèrè íńtánẹ́ẹ̀tì, Wi-Fi kò yọjú torí kò tíì ní díráífà. Mo fi okùn USB so fóònù mọ́ ọn, mo tan ìpín dátà lórí fóònù náà, ó rí i kíá. Kí ẹ yáa tan Metered connection ní kété tí ẹ bá wọlé, nítorí àwọn àtúnṣe tó máa wá lẹ́yìn náà lè gbẹ dátà yín. Nígbà tó béèrè kọ́kọ́rọ́ ọjà, mo tẹ I don't have a product key, mo mú ẹ̀dà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, Pro ni tèmi, ó sì gba àṣẹ fúnra rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Winget import kó ọ̀pọ̀ ètò mi padà, àmọ́ àwọn tí kò mọ̀ ni mo wá fúnra mi.

Àwọn kan ń fọ́máàtì nítorí pé wọ́n fẹ́ kó yára. Lọ́dọ̀ tèmi, ti ilé tètè ń dìde ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo pa àwọn ètò tó ń tàn fúnra wọn nínú Task Manager, lábẹ́ Startup apps, mi ò rí ìyàtọ̀ kan tó ṣe gbòógì mọ́. Àyè dísìkì ni ti ṣọ́ọ̀bù fi pàdánù: fódà Windows.old wà níbẹ̀, ó sì lé ní 20GB. Kò pọn dandan kí ẹ yára pa á rẹ́, torí òun ni ọ̀nà tí ẹ máa gbà padà sí Windows 10 láàárín ọjọ́ 10. Mo na ọjọ́ náà, torí òpin oṣù ni ìyàwó mi máa ń tẹ àwọn ìwé tó le jù jáde, mo sì fẹ́ rí i pé ìyẹn náà ń ṣiṣẹ́:

```
dism /online /set-osuninstallwindow /value:60
```

Fọ́máàtì kò ní irú ọ̀nà ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ bá kó síta ni ẹ máa rí kó padà.

Fún ẹni tó ní tòkunbọ̀ ìran kẹfà tàbí tó kéré sí i, ọ̀nà méjèèjì kò kàn án. Setup máa sọ pé kọ̀ǹpútà náà kò kúnjú ìwọ̀n, fọ́máàtì kò sì lè sọ ẹ̀rọ ìran kẹfà di ìran kẹjọ. Kí irú wọn lọ wo Windows Update lórí Windows 10 fún ètò ESU, tó ń fún àwọn ènìyàn lásán ní àtúnṣe ààbò títí di ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026.