Àgbéyẹ̀wò: Oko Àṣefihàn Àgbàdo tí Ọ́fíìsì Àgbẹ̀ Bá Wa Dá, àti Ìjábọ̀ tó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Ṣì Wá Lọ́nà

Àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ mi ń bi mí bóyá kí àwọn gbà tí ọ́fíìsì ìmọ̀ràn àgbẹ̀ bá ní àwọn fẹ́ fi oko wọn ṣe àṣefihàn. Mo gbà fún wọn lọ́dún tó kọjá, lórí ilẹ̀ mi lẹ́yìn Ọ̀mù-Àrán. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbé ìwé ìjábọ̀ kúrò lóko kí ẹ tó jókòó tì í. Ohun tí mo fẹ́ sọ jù nìyẹn, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di irọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fẹ́ pa irọ́.

Ohun tí a fẹ́ mọ̀ kò ṣòro. Fatiláísà ti wọ́n, ìgbẹ́ adìẹ sì wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń sin adìẹ agíríìkì. Ṣé ìgbẹ́ adìẹ lè gba ìdajì iṣẹ́ fatiláísà ṣe lórí àgbàdo? Ọ́fíìsì mú ọ̀nà mẹ́ta wá. Ọ̀nà A ni pé kí a má fi nǹkan kan sí ilẹ̀. Ọ̀nà B ni fatiláísà ní kíkún, ìyẹn NPK 15-15-15 tó jẹ́ 400 kìlò fún hẹ́kítà kan, àti yúríà 130 kìlò lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà D ni ìdajì fatiláísà yẹn, pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ tọ́ọ̀nù márùn-ún fún hẹ́kítà.

Wọ́n ṣe apá ti ìpìlẹ̀ dáadáa, mo sì gbọ́dọ̀ yìn wọ́n fún un. Obìnrin tó wá láti ọ́fíìsì náà kò kàn pín ilẹ̀ sí mẹ́ta kó máa lọ. Ilẹ̀ mi dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sọ́nà odò, omi sì máa ń pẹ́ ní ìsàlẹ̀ ju òkè lọ. Nítorí náà ó gé ilẹ̀ náà sí òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, ó sì fi ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí apá kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ fi di abala mẹ́sàn-án. Ó kọ A, B àti D sára bébà, ó ká wọn, ó sì ní kí ọmọ mi máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ fi D sí ibi tó sún mọ́ ọ̀nà kí àwọn èèyàn lè rí i. Ó ní, “Rárá, Bàbá, ẹ má bínú. Tí a bá yan ibi tó dára fún ọ̀kan, a ti dájọ́ ká tó gbìn.” Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Abala kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà mẹ́fà níbùú àti mítà mẹ́fà lóròó. A gbin ìlà mẹ́jọ sínú rẹ̀, 75 sẹ̀ǹtímítà láàárín ìlà sí ìlà, 25 láàárín igi sí igi, igi kan fún ihò kan. Fún abala bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ adìẹ tọ́ọ̀nù márùn-ún fún hẹ́kítà wá di kìlò 18 péré. A ti kó o jọ kó jẹrà tẹ́lẹ̀, a sì dà á mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú gbígbìn, torí èyí tó bá tutù máa ń jó hóró. NPK wọlé ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn gbígbìn, yúríà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. A gbẹ́ ihò fún un, a sì bò ó, nítorí yúríà tó bá wà lórí ilẹ̀ lásán, afẹ́fẹ́ ló máa gbé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lọ.

Nígbà tó fi máa di oṣù keje, gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń sọ pé D ti borí. Ewé rẹ̀ dúdú, ó ga, ó sì ń tutù lọ nígbà tí ewé B ti ń pọ́n. Ẹ rántí àwọ̀ ewé yìí, torí òun ló padà wá dá wàhálà sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹsàn-án la kórè, gbogbo abala lọ́jọ́ kan náà. A kò ka ìlà tó wà létí. Igi etí máa ń rí oòrùn jù, gbòǹgbò rẹ̀ sì lè jí oúnjẹ abala kejì jẹ. Ìlà mẹ́rin àárín la ká, a sì fi ìdajì mítà sílẹ̀ lórí àti nídìí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀ tí a kórè nínú abala kọ̀ọ̀kan wá jẹ́ mítà mẹ́ta níbùú àti mítà márùn-ún lóròó, ìyẹn mítà onígun mẹ́rin 15. A ka igi rẹ̀, ó wà láàárín 74 sí 78 níbi gbogbo, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé iye igi ló fa ìyàtọ̀. A bó háhá kúrò, a sì so àpò mọ́ ìwọ̀n tó ń rọ̀. Tí a bá pín iye abala mẹ́ta sí mẹ́ta, A jẹ́ kìlò 3.0, B jẹ́ 6.6, D jẹ́ 8.0.

Fọ́ọ̀mù ìjábọ̀ ní ojú ìlà kan ṣoṣo fún èyí: “Ìkórè fún hẹ́kítà.” Ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n rán wá gbà á lọ́wọ́ wa ní ọjọ́ yẹn pín 8.0 sí 15, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 10,000, ó sì kọ 5,333 kìlò fún D àti 4,400 fún B. Ó ní D fi ìdá 21 nínú 100 ju B lọ, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ pé àwọn máa kà á fún àwọn àgbẹ̀ ní ọjọ́ ìpàdé oko.

Ẹ̀rù bà mí, torí mo ti gbin àgbàdo láti ọjọ́ pípẹ́, n kò sì tíì rí ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlò lórí hẹ́kítà kan rí nílẹ̀ mi. Mo ní kó dúró. Ohun tó wọ̀n yẹn, ṣùkù wà nínú rẹ̀, omi sì wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ra méjèèjì lọ́jà.

Ṣùkù ni ó rọrùn. A mú àgbàdo mẹ́wàá látinú abala kọ̀ọ̀kan, a wọ̀n wọ́n, a yín wọn, a sì tún wọn hóró nìkan. Hóró sún mọ́ 80 nínú 100 níbi gbogbo, nítorí náà kìlò 8.0 ti D di 6.4.

Omi ni ó ṣe pàtàkì. Ọ́fíìsì ní ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn omi inú hóró, wọ́n sì yá wa, mo dúpẹ́ gidigidi fún ìyẹn. Nígbà àkọ́kọ́ iye tó gbé jáde kò bá ohun tí ọwọ́ mi ń sọ fún mi mu, torí hóró D rọ̀ lábẹ́ èékánná. A wò ó dáadáa, ìrẹsì ni ẹni tó lò ó kẹ́yìn fi í sí. A yí i sí àgbàdo, a fi ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta wọ̀n ọ́n fún abala kọ̀ọ̀kan. Omi A jẹ́ 17 nínú 100, ti B jẹ́ 19, ti D jẹ́ 27. Ewé tó ń tutù nígbà tí ti ẹlòmíràn ti ń pọ́n nìyẹn. D kò tíì gbó tó bí àwọn yòókù nígbà tí a ká a, omi tó kù nínú rẹ̀ la sì ń wọ̀n gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ.

A gbọ́dọ̀ mú gbogbo wọn wá sórí omi kan náà kí a tó fi wọ́n wéra, ìyẹn 13 nínú 100, tí yangan fi lè wà nínú àpò láì bu. Ohun tó gbẹ nínú hóró D jẹ́ 73 nínú 100, nígbà tí ti yangan tó yá fún àpò jẹ́ 87. Nítorí náà:

```
6.4 × 73 ÷ 87 = 5.37
5.37 ÷ 15 × 10000 = 3580
```

3,580 kìlò ni D, kì í ṣe 5,333. Bí a ṣe ṣe é fún B, ó jẹ́ 3,277. A jẹ́ 1,526. Ìdá 21 tí wọ́n fẹ́ kà fún àwọn èèyàn wá di 9.

Ẹni tí kò bá rí ẹ̀rọ yẹn, kó yín gbogbo rẹ̀, kó sá a pa pọ̀ sórí tapólì kan náà, kó sì fi iyọ̀ gbígbẹ àti ẹ̀kúnwọ́ hóró sínú ìgò gbígbẹ, kó mì ín. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi inú hóró náà ṣì ju 15 nínú 100 lọ. Kó padà sá a, kó má tíì wọ̀n.

Mo tún ní kí a má pa abala mẹ́ta pọ̀ sójú kan. Nígbà tí a kọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, D fi 30 kìlò péré ju B lọ ní òkè, ó fi 230 jù ú ní ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi 650 jù ú ní àárín. Mo mọ ibi àárín yẹn. Òkìtì ògán kan wà níbẹ̀ tí bàbá mi ti wó kí n tó di géńdé. Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ bí àgbàdo ṣe máa ń ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ ògán. Bébà tí ọmọ mi mú ló gbé D síbẹ̀, kò sí ẹ̀tàn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ hàn nínú ìjábọ̀. Tí a bá yọ àárín kúrò, ìyàtọ̀ D àti B kò ju 130 kìlò lọ ní hẹ́kítà kan, bẹ́ẹ̀ B fúnra rẹ̀ fi 600 kìlò yàtọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ oko mi. N kò lè fi ẹnu mi sọ pé D ju B lọ.

Ohun tí mo lè sọ ni pé, lórí ilẹ̀ yìí, lọ́dún yẹn, D tó lo ìdajì fatiláísà kò dín sí B níbì kankan. Fún ẹni tó máa ra àpò NPK mẹ́rin dípò mẹ́jọ fún hẹ́kítà, ìyẹn ti tó ìròyìn ayọ̀. Ṣùgbọ́n kó rántí pé tọ́ọ̀nù márùn-ún ìgbẹ́ adìẹ jẹ́ ọgọ́rùn-ún àpò tó gba 50 kìlò. Ẹni tí oko rẹ̀ jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń sin adìẹ, owó ọkọ̀ lè jẹ èrè náà tán.

Ibi tí mo ti bá ọ́fíìsì wí jù ni pé ọ̀nà kan sọnù láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí abala tó lo ìdajì fatiláísà láìsí ìgbẹ́ adìẹ. Láìsí i, ẹnikẹ́ni lè bi mí pé: ta ló sọ pé ìgbẹ́ adìẹ ló ṣiṣẹ́? Bóyá ìdajì fatiláísà nìkan ti tó ilẹ̀ rẹ, o sì kàn ru àpò ọgọ́rùn-ún lásán. N kò ní èsì fún un. Mo sọ èyí fún obìnrin tó kọ́kọ́ wá, ó sì gbà láìjanpata. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́ọ̀mù pẹ̀lú bírò, nítorí kò sí àyè fún un níwájú, bí kò ṣe sí àyè fún omi hóró, iye igi àti òkìtì ògán.

Mo fún wọn ní mẹ́ta nínú márùn-ún. Bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ àti bí wọ́n ṣe yá wa ní ẹ̀rọ ló gbà á. Fọ́ọ̀mù ló mú méjì lọ. Tí ẹ bá gbà fún wọn, ẹ béèrè ẹ̀rọ omi hóró fún ọjọ́ ìkórè gan-an, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì ya àwòrán ilẹ̀ yín síwájú gbígbìn pẹ̀lú gbogbo ibi tí ògán, igi ńlá tàbí ààtàn àtijọ́ ti wà rí.

Lọ́dún yìí abala méjìlá la gbìn. Ọ̀nà E ni ìdajì fatiláísà nìkan, ibi àárín tí ògán wà la sì fi sílẹ̀ fún ẹ̀gẹ́.