"Ẹ bá mi ṣéà" àbí "Ẹ fi pamọ́ dọjọ́ ọjà"?

Ká ní télọ̀ kan l'Àkúrẹ́ gbé àwòrán sórí Fesibúùkù: iye yáàdì tí ìró àti bùbá ń gbà. Báwo ló ṣe máa parí ọ̀rọ̀ rẹ̀?

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ láìkì, ẹ ṣéà, ẹ kọ 'Bẹ́ẹ̀ ni' sísàlẹ̀." Ohun mẹ́ta ló tọrọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sọ èrè òǹkàwé. Láti ìparí 2017 ni Fesibúùkù ti kéde pé àwọn á máa dín ibi tí irú ẹ̀bẹ̀ yìí ń dé kù. "Bẹ́ẹ̀ ni" lè kún ìsàlẹ̀ rẹpẹtẹ, kẹ́nì kankan má béèrè iye owó.

"Ẹ fi pamọ́ dọjọ́ tí ẹ bá ń lọ ra ańkárá l'Ọjà Ọba, kó má baà kéré jù." Èyí ló dáa jù: ohun kan ṣoṣo, pẹ̀lú ọjọ́ ìlò rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìdáhùn ló ń wá, kó béèrè ohun tó ṣeé fi nọ́ńbà kan dáhùn: "Yáàdì mélòó ni télọ̀ yín ń gbà fún bùbá?" "Kí lẹ rí sí i?" ti fẹ̀ jù.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àwòrán aṣọ tó ti rán tán nìkan ló gbé síbẹ̀, "ẹ fi pamọ́" ò ní ṣiṣẹ́. Kí ni wọ́n fẹ́ padà wá wò?