Áàpù tó ń sọ fọ́tò ìwé ìwọlé-ìjáde di wákàtí àti owó: bí mo ṣe bá a lò ní ilé-iṣẹ́ àga wa

Ilé-iṣẹ́ àga ni tiwa, ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni ín, èmi ni mò ń bá a tọ́jú ìwé owó. Fọ́máànù ló máa ń kọ aago tí kálukú wọlé àti aago tó jáde sínú ìwé ńlá kan, ọjọ́ kan lójú ìwé kan. Tó bá wá di Sátidé tí a ń sanwó, èmi ni màá jókòó ti ìwé yẹn pẹ̀lú kakulétọ̀, tí màá máa ka wákàtí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí màá máa yọ ti oúnjẹ ọ̀sán kúrò, tí màá sì máa wá ofataimu ẹni tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn ló mú mi wá áàpù tó ń fi fóònù ya ìwé, tó sì ń sọ ohun tó rí di tábìlì tí ènìyàn lè ṣí nínú Excel tàbí Google Sheets. Mi ò ní dárúkọ èyí tí mo lò. Irú rẹ̀ pọ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ sì kan gbogbo wọn.

Ibi tó ti dára ni kí n kọ́kọ́ sọ. Tí fọ́tò bá mọ́lẹ̀ dáadáa, tí ìwé sì tẹ́ pẹrẹsẹ, ó mọ ìlà àti òpó tábìlì, ó ń tò wọ́n bó ṣe yẹ, kò sì pa ìlà ẹnikẹ́ni jẹ. Ibi tí nǹkan kò ti yé e, ó ń fi àwọ̀ yẹ́lò sàmì sí i kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ya fọ́tò náà lójú mọ́mọ́, ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Tí ẹ bá dúró sábẹ́ gílóòbù, òjìji ọwọ́ yín á bọ́ sórí ìwé, òpó tó bá sì bọ́ sínú òjìji yẹn, ẹ má gbà á gbọ́.

Ọ̀rọ̀ wá kan nọ́ńbà tí a fi ọwọ́ kọ. Ọ̀nà méjì ló ń gbà ṣì í kà, wọn ò sì léwu bákan náà.

Èyí àkọ́kọ́ ni àṣìṣe tó ń pariwo. Fọ́máànù wa kì í fi ìlà dábùú 7, nítorí náà áàpù máa ń kà á sí 1. Ẹni tó wọlé ní 7:45 á wá di ẹni tó wọlé ní 1:45 òru. Tó bá jáde ní 17:30, tábìlì á ní ó ṣiṣẹ́ wákàtí 14.75 lẹ́yìn tí a ti yọ ìsinmi wákàtí kan kúrò, bẹ́ẹ̀ 8.75 ló ṣe. Wákàtí mẹ́fà ofataimu ti gun orí owó rẹ̀ nìyẹn. Irú èyí kò lè sá pamọ́, ẹnikẹ́ni tó bá mọ ṣọ́ọ̀bù wa á mọ̀ pé a kì í ṣílẹ̀kùn ní aago méjì òru ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Èkejì ni èyí tó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nígbà tí gbogbo wọn bá jọ dé, fọ́máànù á kọ 8:00 fún ẹni àkọ́kọ́, á wá fi àmì «bíi ti òkè» sísàlẹ̀ fún àwọn yòókù, ìlà kéékèèké méjì yẹn. Áàpù ka ìlà méjì yẹn sí 11, ó sì kọ ọ́ sínú tábìlì bí 11:00. Kò fi yẹ́lò sí i rárá, nítorí 11 hàn kedere lójú tiẹ̀. Ni ẹni tó wọlé ní aago mẹ́jọ bá di ẹni tó wọlé ní aago mọ́kànlá, wákàtí mẹ́ta owó rẹ̀ sì wọgbó. Wákàtí márùn-ún lóòjọ́ kì í ṣe ohun tó ń ṣeni ní kàyéfì, èèyàn lè rò pé ó lọ sí ilé ìwòsàn ni kó tó wá. Bọ̀dá tó ń kun àga ló sọ fún mi: «Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa. Gbogbo wa la jọ wọ mọ́tò kan náà wá lọ́jọ́ yẹn.» Òótọ́ ló sọ.

Nítorí náà, kí n tó sọ̀rọ̀ kan sí i lórí áàpù, ìwé ni mo kọ́kọ́ tún ṣe. Mo tẹ fọ́ọ̀mù tó ní àpótí kéékèèké, nọ́ńbà kan fún àpótí kan, mẹ́rin fún ìwọlé, mẹ́rin fún ìjáde. A kò kọ 5:00 fún ìrọ̀lẹ́ mọ́, 17:00 ni. A fòfin de àmì «bíi ti òkè», a sì ń dábùú 7. Dípò orúkọ, nọ́ńbà ni kálukú ní, torí áàpù máa ń sọ Ṣ di 5, orúkọ ẹnìkan náà á sì wá jáde lóríṣiríṣi. Àǹfààní mìíràn tó wà níbẹ̀ ni pé fọ́tò náà ń lọ sí orí ẹ̀rọ ẹlòmíràn ká tó rí tábìlì gbà. Kò yẹ kí orúkọ àwọn ọmọ iṣẹ́ àti owó wọn máa rìn káàkiri. Lẹ́yìn àtúnṣe yìí, àmì yẹ́lò dín kù gan-an. Kí n má purọ́, fọ́ọ̀mù yẹn ṣe iṣẹ́ ju áàpù lọ.

Ìṣirò wá ńkọ́? Áàpù náà ní ibi tó ti ń ṣàròpọ̀ wákàtí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ àdéhùn wa, mo sì pa á tì. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, abala 13, fi iye wákàtí iṣẹ́ sílẹ̀ fún àdéhùn láàárín agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, ohun tó bá sì lé lórí rẹ̀ ni ofataimu. Ó tún sọ pé ẹni tó bá ṣiṣẹ́ tó wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín sí wákàtí kan. Kò dárúkọ iye tí a ó máa san fún wákàtí ofataimu. Èyí tí àwa fẹnu kò sí, tí a sì kọ sílẹ̀, ni wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ ní ₦1,000 fún wákàtí kan, àti ₦1,500 fún ofataimu. Ẹni tó bá padà wá lálẹ́ nígbà tí iná bá dé, torí alẹ́ ni iná tó lè gbé ẹ̀rọ ìlagi máa ń wà ládùúgbò wa, ofataimu ni gbogbo wákàtí òru rẹ̀.

Nínú ṣíìtì mi, B ni ìwọlé, C ni ìjáde, D ni wákàtí ìsinmi, E ni wákàtí tó ṣe, F ni wákàtí àdéhùn, G ni ofataimu, H ni owó. Èyí ni mo kọ sí E, G àti H:

```
=MOD(C2-B2,1)*24-D2
=MAX(0,E2-F2)
=MIN(E2,F2)*1000+G2*1500
```

Ìdí tí a fi ń sọ ọ́ di ìlọ́po 24 ni pé ìdá kan nínú ọjọ́ ni ṣíìtì ka aago sí. MOD wà níbẹ̀ fún ẹni tó wọlé ní 20:30 tó jáde ní 0:45 ọjọ́ kejì. Láìsí i, ìyọkúrò yẹn á já sí òdì. Ìlà ọ̀tọ̀ ni mo ń fún iṣẹ́ òru, màá fi 0 sí D àti F rẹ̀. Tí ẹ bá fi 8 sílẹ̀ sí F níbẹ̀, ṣíìtì á ní wákàtí rẹ̀ kò tíì pé mẹ́jọ, kò ní fún un ní ofataimu kankan, kò sì sí ohun tó máa pupa láti kìlọ̀ fún yín.

Ẹ wo ọ̀sẹ̀ kan bọ̀dá tó ń kun àga. Ní Mọ́ńdè ó ṣe 8:00 sí 17:00, wákàtí mẹ́jọ géérégé. Ní Túsìdè, 7:45 sí 17:30, wákàtí 8.75. Ní Wẹ́sìdè ó pẹ́ dé, 8:10 sí 17:00, ìyẹn 7.83. Ní Tọ́sìdè ó ṣe mẹ́jọ lọ́sàn-án, ó sì padà wá lálẹ́ ní 20:30 títí di 0:45, wákàtí 4.25. Ní Fúráídè, 8:00 sí 19:00, mẹ́wàá. Ofataimu rẹ̀ jẹ́ 0.75, 4.25 àti 2, àpapọ̀ wákàtí méje, ₦10,500. Wákàtí àdéhùn rẹ̀ jẹ́ 39.83, ₦39,833. Gbogbo owó rẹ̀ wá jẹ́ ₦50,333. Ká ní 1:45 ti Túsìdè yẹn kọjá mọ́ wa lójú ni, ₦9,000 là bá fi kún un. Ká ní 11 ti Mọ́ńdè ló kọjá, ₦3,000 ni yóò pàdánù.

Ibì kan wà tí ọ̀pọ̀ olùṣírò owó ti ń kọsẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò tàbí láìsí fọ́tò. Wákàtí mẹ́jọ àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta kì í ṣe 8.45, 8.75 ni. Bákan náà, tí fọ́máànù bá kọ 17.30 dípò 17:30, nọ́ńbà lásán ni ṣíìtì á kà á sí, kì í ṣe aago. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí ó fara tì nínú àpótí: tí ẹ kò bá tíì fọwọ́ kan ètò àpótí náà, aago àti nọ́ńbà máa ń fara ti ọwọ́ ọ̀tún, lẹ́tà a sì fara ti òsì. Èyí tó bá wà lósì, áàpù kó o wọlé bí ọ̀rọ̀ ni. Èyí tó wà lọ́tùn-ún ṣùgbọ́n tí kò ní àmì aago láàárín, ẹ tún un kọ.

Mo tún fi òpó kan sí i tó ń kọ «WÒ Ó» síwájú ìlà tó bá kọjá wákàtí méjìlá tàbí tí kò tó mẹ́rin:

```
=IF(OR(E2>12,E2<4),"WÒ Ó","")
```

Ó ń mú 1:45, ó sì ń mú ẹni tí wọ́n kọ ìjáde rẹ̀ sí 5:00 dípò 17:00, torí MOD á sọ ìyẹn di ogún wákàtí lẹ́yìn ìsinmi. Kò lè mú 8:10 tó di 8:40, kò sì lè mú 17:00 tó di 18:00. Kò sí fọ́múlà tó lè mú ìyẹn. Ohun tí mò ń ṣe ni pé ní Fúráídè nírọ̀lẹ́, màá tẹ ìwé pélébé kan fún kálukú, aago ọjọ́ kọ̀ọ̀kan àti wákàtí rẹ̀ lórí rẹ̀, wọn á kà á, wọn á sì fọwọ́ sí i kí n tó ka owó. Fọ́máànù kọ́kọ́ ń kùn pé mo ń fẹ̀sùn kàn án. Ó ti mọ́ ọn lára báyìí.

Ṣé ó yẹ kí ẹ sanwó fún un? Àwọn tó ṣe áàpù yìí fi ojú ìwé díẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣooṣù, ẹ ó sanwó fún ohun tó bá lé. Torí mo ti tún fọ́ọ̀mù wa tò, tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ kan ti wà lójú ìwé kan, ọ̀fẹ́ yẹn ń tó wa, mo sì ti dáwọ́ owó oṣù dúró. Tí òṣìṣẹ́ yín kò bá ju méjì sí mẹ́ta lọ, ẹ tẹ aago wọn wọ ṣíìtì fúnra yín, fọ́múlà wọ̀nyẹn nìkan á tó yín. Bí ilé-iṣẹ́ bá ní ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀sán àti òru lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni kí ẹ rà. Áàpù fọ́tò wà fún àwọn tó wà láàárín bí tiwa, bí iná bá wà nínú fóònù, tí dátà sì wà.