Asẹ́ Thunderbird ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi: ó gbọ́n o, àmọ́ ẹ kọ́ ọ

Ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ọmọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, ímeèlì ni wọ́n sì ń fi pírójẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí. Thunderbird ni mo fi ń kà á. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ní asẹ́ tó ń ṣa ìdọ̀tí sọ́tọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan dúró níwájú mi: "Ẹ̀gbọ́n, àná ni mo ti fi í ránṣẹ́ o!" N kò rí i nínú Inbox. Ìgbà tí mo ṣí Junk, ó wà níbẹ̀, òun àti iṣẹ́ àwọn mẹ́rin mìíràn.

Ẹ̀bi mi ni. Ìdọ̀tí nìkan ni mo máa ń tẹ Junk fún. N kò fi lẹ́tà gidi kan han asẹ́ náà rí. Bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú èyí tí a pè ní ìdọ̀tí àti nínú èyí tí a pè ní gidi, kó tó dá èyí tuntun lẹ́jọ́. Tiwa wá kó bá mi: gbólóhùn kan àti fáìlì kan ni lẹ́tà akẹ́kọ̀ọ́, bí àwọn gbájúẹ̀ náà ṣe ń kọ tiwọn nìyẹn.

Mo tẹ Not Junk fún àwọn márùn-ún yẹn. (Kí ẹ kàn fà á padà sí Inbox lásán kò kọ́ ọ ní nǹkan kan.) Mo tún lọ síbi tí mo ń kó iṣẹ́ tí mo ti parí sí, mo ṣa bí 60, mo fi Mark, As Not Junk sí gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, mo ń yẹ Junk wò kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kejì fi máa parí, ẹyọ kan péré ni mo yọ níbẹ̀.

Ti àwọn tí mo fọkàn tán ló tún fún mi níṣẹ́. Nínú Junk Settings, ẹni tó bá wà nínú ìwé àdírẹ́sì tí ẹ máàkì, asẹ́ kò ní pè é ní ìdọ̀tí mọ́. Mo fi ẹni tó ń ta bébà fún mi sí Personal Address Book, ó dára. Àmọ́ mo máàkì Collected Addresses pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni orúkọ gbogbo ẹni tí mo bá fèsì fún ń lọ. Gbájúẹ̀ kan wà tí mo ti bú nínú èsì! Láti ìgbà náà, Inbox ló ń bà sí tààrà. Mo tẹ Junk títí, kò gbọ́, torí pé asẹ́ kì í dé orí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà ẹni tó bá wà nínú ìwé. Mo pa àdírẹ́sì rẹ̀ rẹ́, mo yọ máàkì yẹn, ó tán. Ẹ ṣọ́ra náà: ẹni tó bá fi àdírẹ́sì oníbébà mi ṣe ayédèrú yóò wọlé bákan náà.

Mo fún un ní 4 nínú 5. Ẹyọ tó kù: inú fáìlì training.dat lórí kọ̀ǹpútà yìí ni ẹ̀kọ́ náà wà. Èyí tí ọmọ iṣẹ́ mi bá tẹ̀ lórí fóònù, kò kàn án.