Modẹ́ẹ̀mù ilé mi: plọ́ọ̀gì fóònù wọ ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó sì ba ihò náà jẹ́

Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń lo modẹ́ẹ̀mù tí ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fi ránṣẹ́ sí mi ní Lọ́ńdọ̀nù. Wáyà fóònù ara ògiri ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sílé wa. Ní ti ìyára, mi ò ní ẹ̀sùn: mẹ́gábíìtì 67 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tọ̀sán-tòru. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo bínú sí.

Ihò márùn-ún ló tò síbẹ̀, dúdú ni gbogbo wọn. Ọ̀kan ni DSL, tí wáyà fóònù ń wọ̀, mẹ́rin yòókù ni LAN, tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà ń wọ̀, àfi kéèyàn tan tọ́ọ̀ṣì kó tó lè ka orúkọ wọn. Àbúrò ìyàwó mi ló bá mi so ó, ó sì ki wáyà fóònù bọ LAN1. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti wọlé o, mo gbọ́ tó dún.” Òótọ́ ni, ó dún, torí ahọ́n plọ́ọ̀gì fóònù àti ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí bákan náà. Ṣùgbọ́n iná DSL ń ṣẹ́jú ṣáá. Nígbà tí mo yọ ọ́ bọ ihò DSL, iná dúró láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo rò pé ó tán síbẹ̀.

Lóṣù tó kọjá ni mo ń kó fọ́tò láti inú kọ̀ǹpútà kan sí èkejì, tó jẹ́ mẹ́gábáìtì 11 péré ló ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. LAN1 ni wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà mi wà. Mo fi àṣẹ Linux yìí wo ìyára rẹ̀:

```
ethtool eth0
```

Ó kọ `Speed: 100Mb/s`. Mo mú wáyà yẹn kan náà lọ sí LAN2, ó di `1000Mb/s`. Wáyà kọ́ ló bàjẹ́ nìyẹn. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú LAN1: nínú wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ tó wà níbẹ̀, ìkẹjọ ti tẹ̀ sókè, kò bá àwọn yòókù tò mọ́.

Plọ́ọ̀gì fóònù, RJ11, fẹ̀ tó mílímítà 9.65, ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, RJ45, tó 11.7. Èyí tó tóóró ń wọ ihò tó fẹ̀, èyí tó fẹ̀ kì í wọ ihò fóònù. Níbi tí RJ45 ti ní ojú tóóró tí bàbà ìkíní àti ìkẹjọ rì sí, ike lásán ló wà ní etí RJ11. Ike yẹn ló ń ti wáyà méjèèjì tó wà ní ìpẹ̀kun ihò sókè kọjá ibi tó yẹ. Nígbà mìíràn wọ́n á padà sípò. Nínú tèmi, ìkíní padà, ìkẹjọ kò padà.

Ìdí tí mi ò fi tètè mọ̀ ni pé wáyà 1, 2, 3 àti 6 nìkan ni ìyára 100 ń lò, 1000 ló ń fẹ́ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Íntánẹ́ẹ̀tì mi kò sì tó 100.

Ẹ ka bàbà imú plọ́ọ̀gì kẹ́ ẹ tó ki plọ́ọ̀gì náà bọ ihò: méjì tàbí mẹ́rin, DSL ni, mẹ́jọ, LAN ni. Mo ti fi ọ̀dà èékánná pupa kun etí ihò DSL, mo sì lẹ téèpù mọ́ LAN1. Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún un. Bí wọ́n bá ti fi àwọ̀ ya ihò DSL sọ́tọ̀ ni, ǹ bá fún un ní mẹ́rin.