Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra áífóònù àlòkù l'Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra fóònù ní Pánṣẹ́kẹ́ àti Ọmídá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀. Àwọn kan ń ta áífóònù àlòkù tí àkáǹtì Apple ẹlòmíì ṣì wà nínú ẹ̀. Fóònù yẹn á máa ṣiṣẹ́ dáadáa lójú yín o, ẹ ó fi pè, ẹ ó fi ya fọ́tò, ẹ ó wọ Wáásáàpù, àmọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ríséètì ẹ̀, tàbí lọ́jọ́ tí ẹni tó ni àkáǹtì yẹn bá jókòó sílé ẹ̀ tó tì í pa, owó yín ti wọgbó nìyẹn.

Àbúrò mi obìnrin ló ṣẹlẹ̀ sí. Owó àjọ tó kó ló fi ra áífóònù 11 lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan ní Pánṣẹ́kẹ́, ọmọkùnrin náà ní òun ti bá a ṣètò gbogbo ẹ̀, kó ṣáà ti fi síìmù sí i kó máa lò ó, kó má ríséètì ẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fi mọ̀ wọ́n, torí ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ ò ní bẹ̀rù kẹ́ ẹ ríséètì fóònù tó tà fún yín. Ìgbà tọ́mọ yìí fẹ́ gbé áàpù báńkì ẹ̀ sórí fóònù ni fóònù bá ń béèrè páswọ́ọ̀dù ímeèlì tí kò mọ̀ rí. Ó gbé e lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ìyẹn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà ó sì nu gbogbo inú ẹ̀, wọ́n rò pé ó ti tán, àfìgbà tí fóònù tàn padà tó wá kọ ọ́ gàdàgbà síwájú, "iPhone Locked to Owner", ímeèlì ẹnì kan sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀, lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ló hàn, tóótòtó ni wọ́n fi bo ìyókù.

Ohun tó fà á rè é. Látọdún 2013 ni Apple ti gbé àgádágodo yìí jáde. Tẹ́ni tó ni fóònù bá ti tan Find My, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń wá fóònù tó bá sọnù, àgádágodo yẹn á tì fúnra ẹ̀. Inú fóònù kọ́ ló wà, ọ̀dọ̀ Apple ló wà, wọ́n ti so nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù yẹn mọ́ àkáǹtì ẹni náà, torí náà gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá nù ún tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ tuntun, á kọ́kọ́ bi Apple pé ta ló ni mí. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ lè nù ún láàárọ̀ kẹ́ ẹ tún nù ún lálẹ́, tí kò sì ní sí ìyàtọ̀ kankan.

Nígbà tá a padà lọ bá ọmọkùnrin yẹn, ó ní ká mówó wá kóun bá wa ṣe báìpáàsì, ìyẹn kóun fọgbọ́n yẹ àgádágodo yẹn sílẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn o. Ihò kan tó wà nínú ṣíìpù àwọn áífóònù àtijọ́, láti 5s títí dé X, làwọn oníbáìpáàsì máa ń gbà wọlé, áífóònù 11 ò sì ní ihò yẹn. Kódà lára àwọn àtijọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ni kì í lè fi síìmù pè mọ́, tẹ́ ẹ bá sì tún un nù, àgádágodo á tún yọjú. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ó sanwó fún fóònù tí kì í ṣe tiyín.

A ò kúrò níbẹ̀ o, a ní kó júwe ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ìgbà tó rí i pé a máa dé téṣàn ló gbé nọ́ńbà sílẹ̀, ó jẹ́ ti màmá tíṣà kan ní Àsẹ́rò tó fi fóònù yẹn ṣe pààrọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀ tó sì fowó lé e. Ká ní màmá yẹn rántí páswọ́ọ̀dù ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, torí wọn ò tiẹ̀ nílò kí fóònù wà lọ́wọ́ wọn: wọn á wọ iCloud.com/find, wọn á mú fóònù yẹn, wọn á tẹ Remove This Device, ó parí. Ṣùgbọ́n màmá ti gbàgbé ẹ̀, síìmù tí wọ́n fi ṣí àkáǹtì náà sì ti sọnù tipẹ́. Ohun tó kó wa yọ ni pé páálí fóònù àti rìsíìtì ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ wọn.

Apple ní ojú ewé kan fún irú èyí, al-support.apple.com. Ẹ ó fi ímeèlì yín síbẹ̀, ẹ ó kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, ìyẹn IMEI tàbí nọ́ńbà síríàlì, ẹ ó wá ya rìsíìtì ní fọ́tò ránṣẹ́ sí wọn. Màmá fúnra wọn la ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórúkọ ara wọn, torí àwọn ló ra fóònù, orúkọ wọn ló sì wà lórí ìwé. Wọ́n dá a padà nígbà àkọ́kọ́. Ohun tó wà lórí rìsíìtì ò ju "iPhone 11 128GB" lọ, iye owó, àti déètì, kò sí nọ́ńbà kankan tó fi hàn pé fóònù yìí gan-an ni. Màmá pe ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á ní Ìkẹjà, ṣọ́ọ̀bù ṣì ní àkọsílẹ̀ ẹ̀, wọ́n tẹ òmíì tí IMEI wà lórí ẹ̀, a fi ìyẹn ránṣẹ́, Apple sì kọ̀wé padà pé àwọn ti yọ àgádágodo. A tún fóònù bẹ̀rẹ̀, ó sì kọjá.

Ẹ wá gbọ́ o, bébà tí ẹni tó ta fóònù fún yín fọwọ́ kọ lórí tábìlì ò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù tó kọ́kọ́ tà á ni kẹ́ ẹ bèèrè, kẹ́ ẹ sì tẹ *#06# lójú ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà tó bá jáde wé tórí rìsíìtì àti páálí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí fóònù bá ti tì, ẹ tẹ àmì i kékeré tó wà lójú ẹ̀, ẹ ó rí IMEI níbẹ̀. Lára áífóònù 11, ó tún wà lára tiréè síìmù, àmọ́ ẹ má gbára lé ìyẹn nìkan, wọ́n máa ń pààrọ̀ tiréè.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kó lọ sí Settings, General, Transfer or Reset iPhone, kó tẹ Erase All Content and Settings lójú yín. Tí àkáǹtì bá wà nínú ẹ̀, fóònù á béèrè páswọ́ọ̀dù, ẹ ó sì rí bóyá ó mọ̀ ọ́n. Tí "Hello" bá wá jáde, ẹ má dúró síbẹ̀ o. Ẹ mú èdè, ẹ fi hótísípọ́ọ̀tì tiyín so ó mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ máa tẹ̀ síwájú títí tó fi máa dé ibi tẹ́ ẹ ti máa fi àkáǹtì tiyín sí i. Tó bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbi tẹ́ ẹ wà, ẹ jọ rìn lọ síbi tó ti dáa.

Tẹ́ ẹ bá wá rí i lójú fóònù pé ẹni tó ni ín kọ ọ́ pé ó sọnù, tó fi nọ́ńbà ara ẹ̀ síbẹ̀, a jẹ́ pé ó ti fi sí Lost Mode nìyẹn, Apple ò sì ní yọ àgádágodo irú ẹ̀, bí rìsíìtì ọwọ́ yín ṣe wù kó rí. Ẹ pe nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n jí i lọ́wọ́ ẹ̀ ni.